Tíì ewé nígbà tí a bá ń fún ọmọ lọ́mú: kí ló ń gba inú wàrà dé ara bébì?

Ìyá Kọ́fo:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Bébì mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni, ọmú nìkan ló ń mu. Láti ìgbà tí mo ti bímọ ni mi ò ti rí ìgbẹ́ yà dáadáa, tí mo bá sì fẹ́ yà á, ìrora ni, torí wọ́n rán mi lábẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan wá fún mi ní tíì ewé kan, ó ní òun lòun náà lò, wọ́n sì kọ ọ́ sára páálí pé ewé àti egbò nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí kẹ́míkà. Mò ń mu sáṣẹ́ẹ̀tì kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́, nígbà míì mo máa ń fi méjì sínú kọ́ọ̀pù kan tí inú bá le jù. Kí n má parọ́, ó ń ṣiṣẹ́ fún mi. Ṣùgbọ́n bébì ò sùn mọ́. Ojú ẹ̀ á là kedere láàárín òru, á máa ta gìrì, ọwọ́ ẹ̀ á máa gbọ̀n díẹ̀ tó bá ń sunkún, ìgbẹ́ ẹ̀ sì ń ṣàn, yẹ́lò, ó lè ṣu bíi ẹ̀ẹ̀méje lójúmọ́. Mo dá tíì yẹn dúró fún bí ọjọ́ méjì, kò sí ìyàtọ̀ kankan, ìyá ọkọ mi wá ní ṣé ẹ rí i pé kì í ṣe tíì, kí n máa mu ún lọ. Ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn páálí nìyí: sẹ́nà, gíríìn tíì, gùàráńà, pẹpamíńtì, fẹ́nẹ́ẹ̀lì. Ṣé òun ni àbí òun kọ́?

Ìyá Ìbejì:
Háà! Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Ẹ má fún ọmọ yẹn ní tíì kankan mọ́ o, ẹ jọ̀ọ́ torí Ọlọ́run. Omi lásán gan-an wọn ò gbà ká fún wọn kí wọ́n tó pé oṣù mẹ́fà, ká má tíì wá sọ àgbo. Ta ló ní kí ẹ fún un?

Ìyá Kọ́fo:
Rárá mà, èmi ni mò ń mu ún, kò kan ẹnu bébì rí. Ọmú nìkan.

Ìyá Ìbejì:
Áà ẹ má bínú, mo sáré kà á ni. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń mu ún, mi ò rò pé ó kan ọmọ.

Adúkẹ́_Adùn:
Ó kan ọmọ o ìyá. Gbogbo ohun tí ìyá bá fi sẹ́nu ló ń wọnú ọmú. Ohun tí mo máa ń ṣe nìyí, tí mo bá ti mu nǹkan tí ọkàn mi ò balẹ̀ sí, màá fún ọmú yẹn dànù lẹ́yìn bíi wákàtí mẹ́rin, èyí tó bá tún sun wá lẹ́yìn ìyẹn á ti mọ́. Ìyá Kọ́fo, ẹ máa fún un dànù kí ẹ tó fún ọmọ, ẹ ó rí i pé ara ẹ̀ á balẹ̀.

Ewé_Ńjẹ́:
Ẹ̀yin èèyàn yìí ẹ má wulẹ̀ dẹ́rù ba ìyá ọmọ. Ewé ni. Kẹ́míkà ló ń ba wàrà jẹ́, ewé tí Ọlọ́run dá kì í ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ọmọ tuntun tí kì í sùn lóru, ṣé tuntun ni? Tèmi gan-an ò sùn fún oṣù méjì, mi ò mu tíì kankan.

Apòògùn_Alẹ́:
Ìyá Kọ́fo, ẹ kú ewu ọmọ. Iṣẹ́ oògùn ni mò ń ṣe, irú páálí yìí ò ṣàjèjì sí mi. Nǹkan márùn-ún lẹ kà sílẹ̀ ṣùgbọ́n méjì ni ká tọpinpin, sẹ́nà àti kaféènì. Ẹ ó ní ẹ ò rí kaféènì níbẹ̀. Òun ló wà nínú gíríìn tíì, òun náà ló tún wà nínú gùàráńà, hóró èso ewéko kan tí kaféènì inú ẹ̀ ju ti kọfí lọ tí ẹ bá gbé méjèèjì sórí òṣùwọ̀n. Ibi tí wọ́n ti máa ń mú èèyàn nìyẹn, wọ́n á kọ orúkọ ewé, wọn ò ní kọ ohun tó wà nínú ewé.

Ẹ jẹ́ ká fi sẹ́nà ṣíwájú torí òun ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ na ìka sí. Ohun tó ń mú sẹ́nà ṣiṣẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀ tí ẹ bá gbé e mì. Ó tóbi jù. Á máa sọ̀kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ìfun ńlá, ibẹ̀ làwọn kòkòrò tín-tìn-tín tó ń gbé inú ìfun ti máa já a sí wẹ́wẹ́, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí ẹ bá mu ún lálẹ́, ó di wákàtí 6 sí 12 kó tó lé yín lọ ilé ìgbẹ́. Nínú èyí tí wọ́n já yẹn, díẹ̀ ló ń wọ ẹ̀jẹ̀, bíńtín ló ń bọ́ sínú wàrà. Wọ́n ti wọ̀n ọ́n nínú wàrà àwọn ìyá tó lo ìwọ̀n tó yẹ, ìgbẹ́ ọmọ wọn ò torí ẹ̀ di omi. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi lè kọ sẹ́nà fún ìyá ọlọ́mọ láìbẹ̀rù. Àmọ́ oníhóró ni mò ń sọ o, èyí tí wọ́n kọ 7.5 tàbí 8.6 mílígíráàmù sí lára. Sáṣẹ́ẹ̀tì tíì ò ní ìwọ̀n. Èyí tó pẹ́ nínú omi gbígbóná lágbára ju èyí tí ẹ yọ kíá lọ, tí ẹ bá sì wá fi méjì sínú kọ́ọ̀pù kan, kò sẹ́ni tó lè sọ iye tí ẹ mu mọ́, àní ẹni tó ṣe é gan-an ò lè sọ.

Kaféènì ní tiẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ó kéré, kò wúwo, kì í lẹ̀ mọ́ nǹkan púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, torí náà kò sí ohun tó ń dí i lọ́wọ́ láti bọ́ sínú wàrà. Láàárín wákàtí kan tí ẹ bá mu ún ló máa ń pọ̀ jù níbẹ̀. Kì í ṣe pé èyí tó ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ pọ̀ o, díẹ̀ ni. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ó ṣòro fún ọmọ láti lé e jáde. Lára ẹ̀yin àgbà, ìdajì kaféènì tí ẹ mu máa ń lọ láàárín bíi wákàtí 5. Ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń fọ́ ọ, ọ̀pọ̀ ẹ̀ bó ṣe wọlé náà ló ń bá ìtọ̀ jáde, díẹ̀díẹ̀, kí ìdajì tó lọ á tó wákàtí 80, nígbà míì ó máa ń tó 100.

Ẹ wá bá mi ṣírò ẹ̀. Ká mú 80 yẹn. Nínú ohun tó wà lára bébì lónìí, ìdá kan nínú márùn-ún péré ló máa jáde kó tó di irú àsìkò yìí lọ́la. Ẹ tún fún un ní tọ̀la lé e lórí. Tó bá ń lọ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ohun tó máa wà lára ẹ̀ á sún mọ́ ìlọ́po márùn-ún èyí tó ń rí gbà lójúmọ́ kan. Lára ẹ̀yin o, tàná ti lọ, ẹ ò mọ nǹkan kan lára. Lára tiẹ̀, tàná ṣì wà, tìjẹta náà ṣì wà.

Ọjọ́ méjì tí ẹ dá a dúró yẹn wá ńkọ́? Lẹ́yìn wákàtí 48, bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta ṣì wà lára ọmọ. Báwo lẹ ṣe fẹ́ rí ìyàtọ̀? Ẹ gbọ́dọ̀ dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán kó tó wálẹ̀ sí abẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin, mo sì fẹ́ kí ẹ fún un tó ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ tó dájọ́. Kí màmá má bínú, ọjọ́ méjì ò lè dá tíì yìí láre.

Bàbá Àjọkẹ́:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àlàyé, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí mo rí nílé mi lẹ ń sọ yìí. Ìyàwó mi ń mu kọfí láàárọ̀, lọ́sàn-án, nígbà míì lálẹ́ pàápàá torí iṣẹ́, ó sì ń fún ọmọ wa lọ́mú, ọmọ yẹn ń sùn bí ẹni tí wọ́n sanwó fún ni. Ohun tó tún wá dà mí láàmú ni pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n bí láìpé oṣù, kaféènì gan-an ni wọ́n ń fún un ní ọsibítù. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, mo fojú ara mi rí i. Tó bá jẹ́ pé ó burú, ṣé wọ́n á fún ọmọ tí ò tó kílò méjì?

Apòògùn_Alẹ́:
Bàbá Àjọkẹ́, ọmọ oṣù mélòó ni ọmọ yín nígbà tí ìyàwó yín ń mu kọfí yẹn?

Bàbá Àjọkẹ́:
Ó ti ń rá kòrò. Oṣù méje, mẹ́jọ.

Apòògùn_Alẹ́:
Ṣé ẹ rí i. Wákàtí 80 yẹn kì í dúró síbẹ̀. Tí ọmọ bá fi tó oṣù 3 sí 5, ó ti wálẹ̀ sí bíi wákàtí 14. Tó bá ti kọjá oṣù mẹ́fà, ó lè jẹ́ wákàtí 3 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, ọmọ yín ń lé e jáde kíá ju ẹ̀yin gan-an lọ nígbà yẹn. Kọfí kan náà, ìyá kan náà, ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ọmọ oṣù méje kì í ṣe ẹgbẹ́. Torí ẹ̀ ni mo fi máa ń kọ́kọ́ bi ìyá pé ọmọ oṣù mélòó ni kí n tó bi í pé ewé wo.

Ti ọmọ tí wọ́n bí láìpé oṣù, òótọ́ lẹ sọ. Àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń gbàgbé láti mí, kaféènì ló ń rán ọpọlọ wọn létí, wọ́n sì ń fún wọn ní èyí tó pọ̀ ju ohun tó lè gba inú wàrà wọlé lọ fíìfíì. Wọ́n wọ̀n ọ́n, ẹ̀rọ sì wà lára ọmọ tó ń ka bí ọkàn ẹ̀ ṣe ń lù tọ̀sán-tòru. Nítorí náà mi ò sọ pé kaféènì inú tíì yìí máa pa bébì Ìyá Kọ́fo lára. Ohun tí mò ń sọ ni pé ó lè gba oorun lójú ẹ̀, kó sì jẹ́ kí ara ẹ̀ máa ta gìrì. Àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù, EFSA, sọ ọ́ ní 2015 pé tí ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú ò bá kọjá 200 mílígíráàmù lójúmọ́, kò sí ìbẹ̀rù fún ọmọ. Kọ́ọ̀pù gíríìn tíì kan lè ní 30 sí 50. Gíráàmù kan gùàráńà lè ní bíi 40. Tí ẹ bá ń mu sáṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta mẹ́rin lójúmọ́, tí wọn ò sì sọ iye gùàráńà tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ lè wà lábẹ́ 200, ẹ sì lè ti kọjá ẹ̀ tipẹ́. Páálí ò jẹ́ ká mọ̀.

Ewé_Ńjẹ́:
Ẹ ṣáà fẹ́ fi ewé ṣe ọ̀tá ni. Kaféènì tí ẹ ń pariwo ẹ̀ yìí, nínú ewé kọ́ ló ti wá?

Apòògùn_Alẹ́:
Inú ewé ló ti wá, ọ̀rọ̀ mi náà nìyẹn. Ewé ló ń po kẹ́míkà tiẹ̀ fúnra ẹ̀. Àwọn kan dáa, àwọn kan ò dáa. Ewé kan wà tí wọ́n ń pè ní kọ́mfìrì, wọ́n ń fi ṣe tíì, wọ́n ń fi ṣe ìpara, ohun tó wà nínú ẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì lè gba inú wàrà, èmi ò ní jẹ́ kí ìyá ọlọ́mọ mu ún láé, kódà mi ò ní jẹ́ kó fi pa orí ọmú torí ẹnu ọmọ ló ń lọ. Mi ò bá ewé jà. Mo kàn ń bi í pé kí ló gbé wá.

Nọ́ọ̀sì Bísí:
Ẹ jẹ́ kí èmi náà dá sí i, ọ̀dọ̀ àwọn abiyamọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìgbẹ́ tí Ìyá Kọ́fo sọ yẹn, yẹ́lò, tó ń ṣàn, ẹ̀ẹ̀méje lójúmọ́, mi ò rí àìsàn níbẹ̀ o. Bí ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ń mu ọmú nìkan ṣe ń ṣu nìyẹn. Ó máa ń rí bíi pé wọ́n da kóró wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀, kì í gan, ọmọ míì lè ṣu ní gbogbo ìgbà tó bá mu ọmú tán. Ó ṣeé ṣe kó ti ń ṣu bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ tíì gan-an, tíì ló jẹ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Èyí tó yẹ kó já yín láyà ni tó bá di omi ṣáá tí kóró wẹ́wẹ́ yẹn ò sí níbẹ̀ mọ́, tó ń rùn burúkú, tí ẹ̀jẹ̀ tàbí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wà níbẹ̀, tàbí tí páńpáàsì tó ń fi ìtọ̀ tutù bá ń dín kù. Mẹ́fà ó kéré tán lójúmọ́ la fẹ́ kó máa tọ̀ sí ní ọjọ́ orí ẹ̀ yìí. Mélòó ló ń tọ̀?

Ọwọ́ tó ń gbọ̀n náà, tó bá jẹ́ ìgbà tó ń sunkún nìkan, tí ẹ bá sì rọra di ọwọ́ yẹn mú tó dúró, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan. Tó bá ń gbọ̀n nígbà tó dákẹ́ tàbí tó ń sùn, tí ẹ dì í mú tí ò dúró, ẹ má bi wá níbí o, ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ ní wàrà-wéré.

Ìyá Kọ́fo:
Tó bá ń sunkún nìkan ni mà. Tí mo bá gbá a mọ́ra ó máa ń dúró. Ìtọ̀ ẹ̀ pọ̀, ó ju mẹ́fà lọ dáadáa, wọ́n sì gbé e sórí òṣùwọ̀n lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní ó ń sanra bó ṣe yẹ.

Nọ́ọ̀sì Bísí:
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó máa ń já èmi láyà ju ọmọ tí kò sùn lọ, òun ni ọmọ tó ń sùn jù. Ìyá tí ọmọ ẹ̀ ò sùn á pariwo, gbogbo ilé á gbọ́. Ìyá tí ọmọ ẹ̀ ń sùn ṣáá á máa dúpẹ́ pé òun rí ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí.

Ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí wà. Ní 1994 àwọn dókítà kan ní Ítálì kọ ìròyìn nípa ọmọ méjì, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọjọ́ 15, èkejì ọmọ ọjọ́ 20. Ara wọn rọ̀ jọ̀bọ̀, wọn ò lágbára láti fa ọmú, igbe wọn ò ròkè, wọ́n ń bì, wọn ò sanra. Wọ́n wá àìsàn títí, wọn ò rí i. Ìgbà tí wọ́n bi àwọn ìyá léèrè ni wọ́n tó gbọ́ pé àwọn méjèèjì ń mu tíì ewé kan kí ọmú lè sun dáadáa, líkọ́ríìsì, fẹ́nẹ́ẹ̀lì, ànísì àti gótì-rúù ló wà nínú ẹ̀, wọ́n sì ń mu ju líta méjì lọ lójúmọ́. Líta méjì! Wọ́n ní kí wọ́n dá a dúró, láàárín wákàtí 24 sí 36 àwọn ọmọ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í gbádùn. Fẹ́nẹ́ẹ̀lì wà nínú ti Ìyá Kọ́fo náà, mo mọ̀, ṣùgbọ́n sáṣẹ́ẹ̀tì méjì mẹ́ta kì í ṣe líta méjì, bébì tiẹ̀ sì ń ta gìrì ni, kò rọ̀. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé tí ọmọ bá ń ṣòro jí láti mu ọmú, tí ara ẹ̀ rọ̀, tí igbe ẹ̀ ń lọ sílẹ̀, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí ẹ sì mú páálí tíì dání.

Mọ́remí_B:
Ẹ jọ̀ọ́ níwọ̀n ìgbà tí nọ́ọ̀sì wà níbí, èmi náà ní ìbéèrè. Fẹ́núgíríìkì ni mò ń lò kí ọmú lè pọ̀, ìtọ̀ èmi àti bébì wá ń rùn bíi ṣúgà tí wọ́n yọ́ lórí iná, òógùn orí ẹ̀ náà ń rùn bẹ́ẹ̀. Ìyá mi ní ìtọ̀ ṣúgà ló ti mú ọmọ.

Nọ́ọ̀sì Bísí:
Kì í ṣe ìtọ̀ ṣúgà. Nǹkan tó ń fún fẹ́núgíríìkì ní òórùn ẹ̀ ló gba inú wàrà wọlé, tó bá ìtọ̀ àti òógùn ọmọ jáde. Fúnra ẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí dókítà ọmọ yín mọ̀ pé ẹ ń lò ó o, torí àìsàn àbíbí kan wà tó le gan-an, òórùn kan náà gẹ́lẹ́ ni ìtọ̀ ọmọ tó ní in máa ń ní. Tí wọn ò bá mọ̀ pé ẹ ń lo fẹ́núgíríìkì, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ káàkiri lórí asán. Tí ọmọ bá sì ń rùn bẹ́ẹ̀ tó tún kọ ọmú, tó ń sùn jù, ẹ má rò pé fẹ́núgíríìkì ni, ẹ gbé e lọ. Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, ṣé ẹ kì í ṣe oníṣúgà tó ń lo oògùn? Ó lè fa ṣúgà ara wálẹ̀.

Mọ́remí_B:
Rárá mi ò ní in. Ẹ ṣé gan-an mà, mo fẹ́ kú.

Adúkẹ́_Adùn:
Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn lórí fífún ọmú dànù o. Ṣé irọ́ ni?

Apòògùn_Alẹ́:
Kì í ṣe irọ́ pátá, àbọ̀ ẹ̀ lẹ mú. Ọ̀pọ̀ nǹkan tó wọnú wàrà kì í há síbẹ̀. Tó bá ń kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, ó ń kúrò nínú wàrà náà, bí omi tó gba abẹ́ ilẹ̀ láàárín kànga méjì ni, tí ọ̀kan bá lọ sílẹ̀, èkejì á bá a lọ. Wákàtí tí ẹ dúró ló ṣiṣẹ́, fífún un dànù ò fi nǹkan kan kún un. Ó wúlò tí ọmú bá kún tó ń ro yín nìkan. Ẹ wo ọtí. Oògùn ewé inú ìgò kéékèèké tí wọ́n ń kán sómi, ọtí ni wọ́n fi rẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn, iye tó bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú wàrà, tó bá lọ nínú ẹ̀jẹ̀ ó lọ nínú wàrà. Ẹni tó bá lò ó ní ìwọ̀nba tó sì dúró bíi wákàtí méjì ti bọ́.

Ṣùgbọ́n ti kaféènì pẹ̀lú ọmọ tuntun, ẹ ò lè fi dídúró bọ́ nínú ẹ̀. Ká ní ẹ dúró wákàtí mẹ́wàá, èyí tó wà nínú wàrà yín á dín kù gan-an lóòótọ́, àmọ́ èyí tó ti wà lára ọmọ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá kò lọ ibì kankan. Ẹ ó kàn da ọmú tó dáa nù ni, ọmú tó sì jẹ́ òun ni oúnjẹ ẹ̀ nìkan.

Adúkẹ́_Adùn:
Ó yé mi báyìí. Iye ọmú tí mo ti dà nù láyé yìí ṣá.

Ìyá Kọ́fo:
Kí ni kí n wá lò báyìí? Torí tí mo bá dá tíì dúró, inú á tún le, ojú ibi tí wọ́n rán á tún máa ro mí.

Apòògùn_Alẹ́:
Ẹ dá gbogbo tíì yẹn dúró, kọfí àti àwọn ohun dídùn inú agolo tó ní kaféènì náà, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ń wò. Ẹ má yí nǹkan méjì mìíràn padà lẹ́ẹ̀kan náà. Fún inú líle, èyí tí mo fẹ́ràn jù fún ìyá ọlọ́mọ ni èyí tí kì í wọ ẹ̀jẹ̀ rárá tàbí tó jẹ́ pé díẹ̀ ló ń wọ̀ ọ́: sílíọ́ọ̀mù, èèpo hóró ewéko kan tó ń fa omi mọ́ra tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀, tàbí láàkìtúlóòsì olómi. Sílíọ́ọ̀mù yẹn, ẹ gbọ́dọ̀ mu omi kọ́ọ̀pù kan kún lé e lórí, kódà méjì, tí omi bá kéré á le sí yín nínú ni. Kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà, ẹ fún un ní ọjọ́ méjì mẹ́ta. Tí ìyẹn ò bá tó, a lè wá lo sẹ́nà oníhóró, ọ̀kan tàbí méjì lálẹ́, fún ìwọ̀nba ọjọ́, kì í ṣe ohun tí a ń mu lọ láìdúró. Ẹ fi han ẹni tó rán yín pé ó ń ro yín o, torí ojú rírán tó ń ro èèyàn títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹ kí wọ́n wò ó.

Tí ẹ bá tún rí ewé míì tí wọ́n bá fún yín, ibì kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, orí ìkànnì ilé ìkàwé ìṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà ló wà, LactMed lẹ máa tẹ̀. Ewé àti oògùn òyìnbó wà níbẹ̀ pọ̀, ẹ ó rí ohun tí wọ́n ti wọ̀n nínú wàrà àti ohun tí wọ́n rí lára ọmọ. Orúkọ ewé ni kí ẹ tẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe orúkọ ara páálí.

Ìyá Kọ́fo:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní kí n wá jábọ̀. Mo ti pa tíì tì pátápátá, mo ti lé ọ̀sẹ̀ kan dáadáa. Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, kò sí nǹkan tó yàtọ̀, ọkọ mi gan-an ti ń sọ pé ṣé mo dá ara mi lójú. Lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń sùn wákàtí méjì, méjì àbọ̀ báyìí láàárín òru, gìrì yẹn ti dín kù. Ìgbẹ́ ẹ̀ ò yí padà o, yẹ́lò, ó ń ṣàn, bákan náà.

Nọ́ọ̀sì Bísí:
Ìgbẹ́ tirẹ̀ ni, ẹ má wò ó mọ́.

Bàbá Àjọkẹ́:
Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n kí n sọ tọkàntọkàn, ọmọ tó kúrò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ sí ọ̀sẹ̀ márùn-ún ń dàgbà náà ni. Báwo la ṣe mọ̀ pé kì í ṣe pé ó kàn ti tó àsìkò tó máa sùn?

Apòògùn_Alẹ́:
A ò mọ̀ ọ́n tán. Lójú tèmi, bó ṣe jẹ́ pé kò sí nǹkan kan lọ́jọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, tó wá ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí kaféènì ṣe máa ń lọ lára ọmọ tuntun nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo ni, a ò ní òmíràn tí a lè fi wé e, mi ò sì ní kó tún mu tíì láti fi dán an wò. Àwọn ìyá míì ń mu kọ́ọ̀pù méjì lójúmọ́ tí ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wọn ò mọ̀ ọ́n lára, ìyẹn náà wà.

Ewé_Ńjẹ́:
Ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ pẹpamíńtì. Ìyàwó àbúrò mi ń mu ún torí gáàsì inú, ẹnì kan wá ní ó ń gbẹ ọmú. Ṣé òótọ́ ni?

Nọ́ọ̀sì Bísí:
Ọ̀pọ̀ ìyá ló sọ bẹ́ẹ̀, ti pẹpamíńtì àti ti sééjì, kódà sééjì làwọn tó fẹ́ já ọmọ lẹ́nu ọmú máa ń lò. Ẹ̀rí gidi ò pọ̀ lórí ẹ̀. Kọ́ọ̀pù kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mi ò ní torí ẹ̀ dá a lẹ́kun. Tó bá ń mu ún ní ìgbà púpọ̀ lójúmọ́, kó ka páńpáàsì tó ń tutù. Tó bá ti ń lọ sábẹ́ mẹ́fà, kó fi sílẹ̀, kó sì máa gbé ọmọ sọ́mú léraléra. Òróró pẹpamíńtì inú ìgò ni kó má jẹ́ kó kan àyà tàbí imú ọmọ o, ìyẹn lè dí èémí ọmọ.

Ewé_Ńjẹ́:
Òróró ló wà nílé wọn gan-an. Ẹ jẹ́ kí n pè wọ́n.